Ọjà tà, èrè ò pọ̀: bí owó orí ṣe ń kan kọ́ńpìnnì kékeré

Ká mú kọ́ńpìnnì kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ní Adó-Èkìtì. Kọ́ńpìnnì ni o, kì í ṣe orúkọ òwò lásán. Ẹni tó kàn forúkọ òwò sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì ló ń san owó orí fún. Ti kọ́ńpìnnì, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ.

Lábẹ́ òfin tó wà láti 2020 títí di ìparí 2025, iye ọjà tí kọ́ńpìnnì tà láàárín ọdún ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe èrè. Tí kò bá tó mílíọ̀nù 25 náírà, kò ní san owó orí kankan lórí èrè. Tó bá kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tó mílíọ̀nù 100, 20 náírà ni yóò san nínú ọgọ́rùn-ún náírà èrè.

Èrè sìmẹ́ǹtì kì í pọ̀. Ká ní oníṣòwò wa ta ọjà mílíọ̀nù 40 ní 2023, tó wá ku 600,000 náírà lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Owó orí lórí èrè yẹn jẹ́ 120,000. Kò tíì tán. Òfin ní iye tí owó orí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá: 50 kọ́bọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà ọjà tó tà. Ti mílíọ̀nù 40 jẹ́ 200,000. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gbà, nítorí náà 200,000 ni yóò san. Kódà tó bá pàdánù, iye kan náà ni. Èyí ló máa ń dun àwọn oníṣòwò jù, kò sì ṣòro láti rí ìdí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí kọ́ńpìnnì tí ọjà rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25, ẹni tó wà nínú ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ òwò rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ 50 kọ́bọ̀ yìí, àti kọ́ńpìnnì tó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, irú èyí tó ní oko kòkó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jèrè, tí ọjà wọn sì kọjá mílíọ̀nù 25, owó orí èrè ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni báńkì. Ọ̀gá á yá kọ́ńpìnnì ní mílíọ̀nù 6, á san án sínú àkáǹtì òwò. Ọjà tó tà jẹ́ mílíọ̀nù 22, àmọ́ mílíọ̀nù 28 ni báńkì fi hàn. Tí kò bá sí ìwé àdéhùn owó yíyá náà, ọjà ni àwọn agbowó orí lè kà á sí.

Bíbọ́ lọ́wọ́ sísan kò sì bọ́ni lọ́wọ́ ìwé ìṣirò owó orí tí kọ́ńpìnnì ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí ló yẹ kí ìwé náà wọlé. Lábẹ́ òfin tó parí ní 2025 yẹn, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ 25,000 náírà, 5,000 ni ti oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ yìí náà ni wọ́n ṣì máa fi ṣírò gbèsè ọdún bíi 2023.