Iṣan ọwọ́ tó ń sáré tí kò lágbára: kí ló túmọ̀ sí lára ẹni tó ń bì tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru?

Ẹni tó ti ń bì, tó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti òru, bó bá di àárọ̀ á ní òòyì ń kọ́ òun. Ará ilé á ní ebi ni, wọ́n á sì lọ po ẹ̀kọ. Kí ẹ̀kọ náà tó jinná, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ fi orí ìka méjì lé abẹ́ ọrùn ọwọ́, ní ìhà àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń lù. Ẹ má fi àtàǹpàkò yín wò ó, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀, ó sì lè tàn yín. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ti àgbàlagbà tó sinmi máa ń wà láàárín 60 sí 100. Bó bá lé ní 100, tí ìlù náà sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ lábẹ́ ìka, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ti dín kù nínú iṣan ẹni náà nìyẹn. Ibà àti ìbẹ̀rù náà ń mú un sáré, àmọ́ ìlù ti ibà sábà máa ń lágbára.

Ẹ ronú nípa kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi ti lọ sílẹ̀, garawa kì í kún mọ́, ẹni tó ń fa omi á wá máa jù ú sínú kànga léraléra kí omi lè tó ilé lò. Ohun tí ọkàn ń ṣe nìyẹn. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ ló ń rí tì jáde lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń lù lemọ́lemọ́. Ara náà á fún àwọn iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè tó ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń tutù. Nítorí ìfúnpọ̀ yìí, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ṣì máa fi nǹkan tó dára hàn nígbà tí omi ara ti ń tán. Èmi kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn nìkan fọkàn mi balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 45 kan. Ó ti yàgbẹ́ olómi nígbà 8 láti ọ̀gànjọ́, ó bì nígbà 3. Ní ìdùbúlẹ̀, iṣan rẹ̀ lù ní ìgbà 98, iye tí kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n sì dì í mú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, ó ti di 134, ojú rẹ̀ ń ṣú, kò lè dúró. Bí ìlù iṣan bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i nígbà tí èèyàn dìde, tàbí tí òòyì kò jẹ́ kó lè dúró rárá, omi tó ti lọ kì í ṣe kékeré. Wọ́n bi í nípa ìtọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ilé ìwòsàn ló kàn. (Bí òòyì bá ti ń kọ́ ẹni náà ní ìjókòó, ẹ má gbé e dìde dán an wò.)

Bí wọ́n ti ń wá ọkọ̀, wọ́n po ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí oníkẹ́míìsì ń tà. Iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi pò ó. Bí kò bá sí, ṣíbí ìpotíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí méjèèjì dọ́gba létí ṣíbí, nínú lítà 1 omi tó mọ́. Ẹ má fi iyọ̀ kún un o. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kó sì falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gbọ́ ìlù ọrùn ọwọ́ mọ́, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń tòògbé, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Dírípù ló kù.

Ibi tó ti ń yí lójú ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn. Ọkùnrin kan lè yàgbẹ́ nígbà 2 péré kí iṣan rẹ̀ sì ti máa sáré ní 120. Ìgbẹ́ méjì kò lè gbẹ omi ara tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìgbẹ́ náà: bó bá dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tí òórùn rẹ̀ burú, ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ikùn ni. Èébì tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí náà rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ inú ló sábà máa ń fà á, pàápàá lára ẹni tó ń lo aspirín, ibuprofẹ́ẹ̀nì tàbí dikilófẹ́nà fún ara ríro. Òótọ́ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn aláboyún ń lò máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ kì í mú kó lẹ̀ bí ọ̀dà, kì í sì í mú iṣan sáré.

Omi iyọ̀ àti ṣúgà kò lè dí ẹ̀jẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, bó bá ń bì, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà síni lára.

Ẹ mú gbogbo oògùn tó ń lò dání. Bí atẹnolóòlù tàbí propránolóòlù bá wà níbẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Iṣan ẹni tó ń lò wọ́n lè wà ní 80 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀.