Ṣíṣa ìwé oníbàárà, kì í ṣe fífọ dátà

Ìwé oníbàárà tí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin bá ti kọ́wọ́ bọ̀ kì í bára mu. Ẹ jẹ́ ká mú ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan. Obìnrin kan ṣoṣo tí ń ra àǹkárá níbẹ̀ lè wà lórí ìlà mẹ́ta, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí ènìyàn mẹ́ta:

```
  ADEBAYO Rukayat  Omolara
rukayat adebayo
Alhaja R. ADEBAYO
```

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ká yọ àlàfo tí kò yẹ, ká gbé lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ipò wọn, ká sì pín orúkọ sí òpó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: orúkọ ìdílé ní tiẹ̀, orúkọ àbísọ ní tiẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni àwọn kan ń pè ní "fífọ dátà", tí àwọn mìíràn tún pè ní "ìwẹ̀nùmọ́ dátà". Èmi ò bá "dátà" jà rárá. Ó ti wọlé, ó ti jókòó. "Fífọ" gan-an ló ń bí mi nínú, nítorí ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ohun tí a bá fọ, omi kan náà la dà lé gbogbo rẹ̀ lórí, a ò wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá ní kó "fọ" ìwé orúkọ á yára da fọ́múlà kan lé òpó náà láti òkè dé ilẹ̀, á ní òun ti parí. "Ìwẹ̀nùmọ́" ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi í wẹ̀. Àlàfo tó pọ̀ jù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣíṣà ni mo ń pè é, bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ń da díẹ̀díẹ̀ sórí àtẹ, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ń wò ó. Èèpo rọrùn láti rí, atẹ́gùn lásán lè gbé e lọ. Òkúta kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹ̀wà ni iṣẹ́. Bí a bá bu omi lé e láìṣà á, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò jókòó sí. Àwọn kan ti sọ fún mi pé "ṣà" ti ní iṣẹ́ mìíràn, pé yíyàn ló túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni, yíyàn náà ni mò ń wí: ohun tó máa lọ àti ohun tó máa dúró.

Òkúta aláwọ̀ ẹ̀wà wà nínú ìwé orúkọ lóòótọ́. TRIM inú Excel àti Google Sheets máa ń yọ àlàfo iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sì ń sọ àlàfo méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn láàárín orúkọ di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àlàfo kan tún wà tí a sábà máa ń kó wọlé bí a bá ṣe ẹ̀dà orúkọ láti ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lójú, kò yàtọ̀ sí èyí tí a fi ọwọ́ tẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́mbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni 160, nígbà tí ti àlàfo lásán jẹ́ 32. Àlàfo 32 ni TRIM inú Excel mọ̀. Bí ẹ bá ti lo TRIM, tí Rukayat Adebayo méjì ò sì bára mu síbẹ̀, ẹ fi LEN kà á. Lẹ́tà méje, àlàfo kan, lẹ́tà méje: 15 ló yẹ kó jáde. Bó bá sọ 16, nǹkan fara pamọ́ síbẹ̀. Ká ní orúkọ náà wà ní A2, ẹ fi UNICODE bi í pé kí ló wà lẹ́yìn pátá:

```
=UNICODE(RIGHT(A2,1))
```

Bí 160 bá jáde, ẹ sọ ọ́ di àlàfo lásán kí TRIM tó dé ibẹ̀. Èmi kì í dúró kí n tó rí i, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí B2 nígbà gbogbo nìyí:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(160)," "))
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni èyí tó kàn. Wọ́n á sáré lo PROPER, èyí tó ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó sì ń sọ ìyókù di kékeré. Ìwé á dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn: ADEBAYO Rukayat Omolara. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣèèṣì. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ wa pé kí orúkọ ìdílé ṣáájú, ká sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Lẹ́tà ńlá yẹn nìkan ló ń sọ fún wa pé Adebayo ni orúkọ ìdílé. Bí PROPER bá ti kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀rí ti lọ, kò sì sí fọ́múlà tó lè dá a padà. Nítorí náà, pípín ló máa ń ṣáájú lọ́wọ́ mi, lẹ́tà ló máa ń kẹ́yìn.

Ẹ pín in níbi àlàfo àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á bọ́ sí C2, ìyókù á bọ́ sí D2:

```
=LEFT(B2,FIND(" ",B2)-1)
=MID(B2,FIND(" ",B2)+1,100)
```

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ní E2 bóyá lẹ́tà ńlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, tí ìyókù kò sì rí bẹ́ẹ̀:

```
=AND(EXACT(C2,UPPER(C2)),NOT(EXACT(D2,UPPER(D2))))
```

Níbi tó bá ti sọ TRUE, tí ohun tó wà ní C kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo bí "R." tàbí oyè, orúkọ ìdílé ló wà níbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀. Èyí tó bá sọ FALSE, ojú la fi ń ṣà á: "rukayat adebayo" tó fi orúkọ àbísọ ṣáájú, Alhaja tó jẹ́ oyè, àti "IYA RISI ALASO", tí kò ní orúkọ ìdílé kankan tí a lè yọ. Ti Ìyá Rísì, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú òpó kan. Orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jà nìyẹn, ẹ má ṣe sọ Alaso di ìdílé rẹ̀. Ìlà tó bá sọ #VALUE! kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Àwọn ọmọ Àgùdà tí bàbá ńlá wọn ti Bùràsíìlì padà sí Èkó náà wà níbẹ̀: "da Rocha" ọ̀rọ̀ méjì ni, ìdílé kan ni. Fọ́múlà yìí á gé e sí méjì, PROPER á sì tún sọ "da" di "Da".

Ìgbà yìí ni PROPER tó wọlé, bí orúkọ kò bá ní àmì ohùn. Lórí orúkọ tó ní àmì, ó lè gba àmì tó dá dúró lórí ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kì í ṣe lẹ́tà, kó wá kọ "bọ́lá" ní "Bọ́Lá". Bí ẹ bá rí lẹ́tà ńlá láàárín orúkọ, òun ni. Fún òpó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ gbé sókè:

```
=UPPER(LEFT(C2,1))&LOWER(MID(C2,2,50))
```

Kí ẹ tó pa òpó A rẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn òpó tuntun, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n padà sí ààyè wọn pẹ̀lú Paste Values. Fọ́múlà ló ṣì wà nínú wọn títí di ìgbà yẹn, bí A bá sì lọ, #REF! ni gbogbo wọn máa dà.