Àṣìṣe inú ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ láti Ṣáínà ní ìlànà tirẹ̀

Ká mú ìwé ìtọ́ni ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì. Tí a bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, ó lè kà báyìí: "Má jẹ́ kí òróòro inú jó gbẹ. Omi ṣí, ti iná. Àdéhùn kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 12." Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tó ń sọ, wọ́n á sì ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èrò yẹn kò tọ́ rárá. Ohun tí wọ́n kọ ní èdè Ṣáínà mọ́gbọ́n dání, ìgbà tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ ló dàrú.

Àmì ni èdè Ṣáínà fi ń kọ̀wé. Àmì kan lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì máa sọ èyí tó jẹ́. Atúmọ̀ tó ń kánjú, tàbí ẹ̀rọ ìtúmọ̀, á mú àmì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á sì yan ìtumọ̀ kan fún un. Bí ẹni tó fẹ́ túmọ̀ "ẹnu ọ̀nà" ni, tó wá wo ẹnu lọ́tọ̀, tó wo ọ̀nà lọ́tọ̀, tí kò rí ilẹ̀kùn níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àṣìṣe yìí kì í ṣàdédé wáyé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti dàrú ní ojú ìwé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló sábà máa ń rí ní ojú ìwé kẹsàn-án, ẹni tó bá sì tú u lẹ́ẹ̀kan ti tú gbogbo rẹ̀.

Àmì 开 ló ń da èèyàn láàmú jù. Òun ni wọ́n ń lò fún ṣíṣí ilẹ̀kùn, òun náà ni fún títan ẹ̀rọ, òun náà sì ni fún kí omi hó. Èkejì rẹ̀, 关, jẹ́ títì, ó sì tún jẹ́ pípa. Ìdí nìyẹn tí "omi ṣí, ti iná" fi jẹ́ pé kí a pa iná nígbà tí omi bá hó. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣí ni kí a wò: tó bá jẹ́ ohun olómi, híhó ni, tó bá ní ìdérí, ṣíṣí ni lóòótọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, títàn ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè lọ gbé irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ nígbà tí ìwé kàn ní kó tẹ bọ́tìnì.

Ẹ tún wo bí kò ṣe sí "tí" àti "bá" nínú gbólóhùn yẹn. Èdè Ṣáínà lè to gbólóhùn kéékèèké méjì tì ara wọn, kí àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kí èkejì jẹ́ ohun tí a ó ṣe. Níbi tí gbólóhùn bá ti já lójijì, ẹ fi "tí" àti "bá" sí i kí ẹ tún un kà.

Òróòro ńkọ́? Àmì 胆 ni. Àpò inú ara tó ń gba omi ọ̀hún ni, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ń pe ohun èlò tó wà nínú òmíràn, bí ìgò inú fúláàsì. Níbí, ìkòkò inú tí ìrẹsì ń wọ̀ ni. Tí àwòrán tó ń fi ẹ̀yà ẹ̀rọ hàn bá wà, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀. "Jó gbẹ" túmọ̀ sí kí ẹ̀rọ máa gbóná láìsí omi nínú rẹ̀. Àmì "gbẹ" yìí, 干, tún jẹ́ "ṣe", nítorí àtúnṣe tí ìjọba Ṣáínà ṣe sí ìkọ̀wé wọn láti ọdún 1956, tó sọ àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí "ṣe" fi máa ń já wọ ibi tí kò nídìí.

"Àdéhùn" ni bọ́tìnì tí a fi ń sọ fún ìkòkò pé kó sè tó bá yá. Àmọ́ nínú àwọn ìkòkò kan, wákàtí tí a tẹ̀ ni ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nínú àwọn mìíràn, ìgbà tí oúnjẹ yóò ti jinná ni. Ìtúmọ̀ kì í sábà sọ èyí tó jẹ́. Ẹ tẹ wákàtí 2 pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ àti omi nínú rẹ̀, kí ẹ wo ìgbà tí ooru bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà bíi 220V àti 50Hz kì í sábà yí padà, torí kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ wọn. "Má ṣe" ló léwu, torí ó lè já bọ́. Lábẹ́ àkọlé ìkìlọ̀, tí ìwé bá ní kí a ri ara ẹ̀rọ bọ omi, "má ṣe" ló ti sọnù níbẹ̀. Ẹ wo bóyá ìlà dábùú wà lórí àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ sí, ẹ fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà kúrò nínú iná.