Ẹyin odídẹrẹ́ àti ikú Gáà: kí ló dé tí ìtàn kì í dúró lójú kan?

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, wọ́n ní ọba rere ni Aláàfin Abíọ́dún, ìkà ni Baṣọ̀run Gáà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá ń sọ fún mi pé ọwọ́ Abíọ́dún náà kò mọ́. Ṣé àwọn tó kọ́ wa ló parọ́ ni, àbí àwọn tòní? Ìtàn tó sì jẹ́ pé ẹnu la fi ń sọ ọ́, kí la fẹ́ fi gbà á gbọ́?

Irọ́ kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ti Gáà náà yanjú ẹ̀, torí ó wà lára ìwọ̀nba ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé tí àwọn tiwa ń fi ẹnu sọ, tí àwọn ará etíkun náà sì kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Èyí tí ẹnu sọ ni púpọ̀ nínú wa mọ̀. Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì parí ìwé náà ní 1897. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn apìtàn ààfin, àti àwọn àgbà tó ti fojú rí ogun ló ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní Gáà, tí oyè Baṣọ̀run sọ di olórí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́, ń fi ọba jẹ, ó sì ń pa wọ́n: Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé. Awọ́nbíojú kò lò ju 130 ọjọ́ lọ, wọ́n ní nítorí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè rẹ̀. Nígbà tó kan Abíọ́dún, òun rọra ń kí Gáà láràárọ̀ bí ọmọ ṣe ń kí baba, títí ó fi yọ́ jáde lóru lọ bá Ọ̀yabì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó wà ní Àjàṣẹ́. Wọ́n dá ọjọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n pa àwọn ọmọ Gáà káàkiri ìlú tí wọ́n ń jẹ lé lórí, wọ́n sì dáná sun Gáà fúnra rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ní 1793, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí Johnson tó parí tirẹ̀, Archibald Dalzel, òyìnbó ará Scotland tó ti ṣe ọ̀gá ilé odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Wídà, tẹ ìwé ìtàn Dàhòmì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ní 1774, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́, tó pè ní Eyeo, gbé ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí ọba wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ti rẹ Kábíyèsí, ó yẹ kó lọ sùn díẹ̀. Ẹ mọ irú oorun tí wọ́n ń wí. Ọba dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní oorun ò kun òun. Ni ìjà bá dé, ọba borí, wọ́n sì pa olórí àwọn ìjòyè náà tẹbítẹbí. Orúkọ tí Dalzel kọ fún un ni Ochenoo. Bí ẹ bá rántí pé Ọ̀ṣọ̀run ni ìpìlẹ̀ oyè Baṣọ̀run, tí ẹ sì pe ti òyìnbó yẹn jáde lẹ́nu, ẹ óò rí i pé kò jìnnà.

Ẹyin odídẹrẹ́ kò sí nínú bí Johnson ṣe sọ ọ̀rọ̀ Abíọ́dún àti Gáà. Orúkọ Gáà kò sí nínú ti Dalzel. Bí ọ̀kan bá wo ìwé èkejì kọ ni, ibi tó dùn jù kọ́ ni ì bá fò. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì pàdé níbi tó ṣe kókó: ọba kan wà tí wọ́n ní kó kú, tó kọ̀, tó sì run ilé olórí àwọn ìjòyè rẹ̀.

Ó ti jẹ́ ti ìwé ló dájú nìyẹn, àbí? Òyìnbó náà kúkú kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀.

Níbo ni Dalzel wà ní 1774? Kò sí ní Ọ̀yọ́. Kò tilẹ̀ sí ní Wídà mọ́, ó ti kúrò níbẹ̀ ní 1770. Ẹnu àwọn tó kù ní etíkun ló ti gbọ́ ọ, àwọn yẹn sì gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò àti àwọn ará Dàhòmì, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ nígbà náà, tí wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí wàhálà ilé ọ̀gá wọn. Ìtàn ẹnu ni ti Dalzel náà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ọdún mọ́kàndínlógún péré lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i pa dà mọ́.

Ọdún gan-an ni ìwé fi ju ẹnu lọ. Arọ́kin kì í ka ọdún, ìgbà ọba ló ń kà, bí ìgbà ọba kan sì ṣe gùn tó kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ó gùn jù tàbí ó kúrú jù. Àwọn òyìnbó etíkun ń kọ̀wé sí ọ̀gá wọn, ọjọ́ sì wà lórí lẹ́tà. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé 1789 ni Abíọ́dún wàjà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni agbára ìwé mọ. Oníṣòwò kò bìkítà nípa ohun tí kò dé ọjà rẹ̀: ọba mẹ́rin tó ti lọ kí Abíọ́dún tó dé, ọmọ Gáà tó ń jẹ lé ìlú kan sí òmíràn lórí, Kakaǹfò tó kó ogun wá. Bí ẹ bá ní ìwé Dalzel nìkan lọ́wọ́, ẹ óò mọ̀ pé ìjà ṣẹlẹ̀, ẹ kò ní mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn apìtàn máa ń fi iyọ̀ sí i. Báwo lẹ ṣe ń yọ ọ́ kúrò?

Ẹ wo ti Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún. Wọ́n ní Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi rúbọ, kò rí, ló bá mú ọmọ ọba nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹran náà, ó sì pa á. Bí gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ bá dúró lórí kí orúkọ kan jọ òmíràn, mo máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rántí, ó sì rọrùn láti hun lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀. Mi ò ní ọmọ náà kò sí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò ní fi ibẹ̀ ti ilé. Ti pé Gáà máa ń di erin náà, ibi tí mo fi í sí nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń gbára lé ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ yí ẹnu rẹ̀ pa dà: oríkì, òwe, orin. Ẹni tó ń pìtàn lè gùn ún, ó lè gé e, ṣùgbọ́n bó bá ṣi òwe pa, ọmọdé yóò rẹ́rìn-ín. Òwe Gáà ṣì wà: *Bí o láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́.* Kò sọ ọdún, kò sọ ẹni tó pa á, ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí pé ikú náà burú débi pé ó di ohun tí a fi ń kìlọ̀. Ìyẹn náà sì bá ẹbí tí Dalzel ní wọ́n run mu.

Kí wá ni Abíọ́dún ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi mọ́?

Ẹ tún gbọ́ òwe kan: *Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Awólẹ̀ la di àdìkálẹ̀.* Awólẹ̀ ló jẹ tẹ̀ lé e, ìgbà rẹ̀ ni ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Johnson gbọ́ òwe yìí, ó sì rí i bí ìyìn: ọrọ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ráyè kà á lẹ́yọ lẹ́yọ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó wo? Owó ẹyọ ni. Owó ẹyọ kì í hù nílẹ̀ Yorùbá. Láti àwọn erékùṣù Òkun Íńdíà ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń kó o wá sí Wídà, sí Àgbádárìgì, àti sí Àjàṣẹ́ ti etíkun, tí wọ́n ń pè ní Pọ́tò Nófò, tó yàtọ̀ sí Àjàṣẹ́ Ọ̀yabì. Ohun tí wọ́n fi ń gbà á jù lọ ni ènìyàn. Igbá tí a fi wọn owó láyé Abíọ́dún, òwò ẹrú ló kún un. Ẹni tó dá òwe náà kò fẹ́ tú àṣírí kankan, ìyìn ló ń ṣe, àfi kéèyàn béèrè ibi tí owó ti wá.

Àwọn ará etíkun tún kọ ọ́ pé ní 1783 Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ burúkú, láyé Abíọ́dún yìí kan náà. Ẹ wá a nínú ohun tí Johnson gbọ́, kò sí níbẹ̀. Ààfin ló ń bọ́ arọ́kin. Johnson fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìran Abíọ́dún. Bó tiẹ̀ jẹ́ àjèjì, ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan ti tó: inú ogun ló dàgbà sí, òun náà wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ kí wọ́n lè parí ogun Kírìjí. Ohun tó ń wá ni ibi tí ilẹ̀ ti fọ́ gan-an. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, Abíọ́dún ni yóò rí gẹ́gẹ́ bí ọba ìkẹyìn tí ayé gún nígbà rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ọmọ yín kò bá ogun Kírìjí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹni tó sanwó ìgbà gígún náà. Òwe kan náà, ọba kan náà, ìdáhùn méjì.

Bàbá àgbà wa ní Ọ̀yọ́ ṣì mọ ìtàn yìí. Ṣé kí n ká ohùn wọn sílẹ̀?

Ẹ ká a, ẹ má sì dúró dọ̀la. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ohun kan. Láti 1921 tí wọ́n ti tẹ ìwé Johnson jáde, ó ti wọ ilé, ó ti wọ kíláàsì, ó sì ti pa dà wọ ẹnu àwọn àgbà. Bí bàbá bá ka orúkọ àwọn ọba gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe tò wọ́n, ẹlẹ́rìí kejì kọ́ lẹ rí yẹn, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ló tún pa dà wá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n sọ ti Gáà fún bí wákàtí kan, inú mi ń dùn ṣáá. Wọ́n wá ṣi orúkọ kan pè. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ìwé jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n fi òwú rán an. Mo ní, “Bàbá, ìwé lẹ ti rí i ni?” Wọ́n ní, “Bàbá mi ló kọ́ mi. Ìwé kàn ń rán mi létí ni.” Nígbà tí mo délé, mo pín ohun tí mo ká sí méjì, èyí tí wọ́n sọ kí ìwé tó jáde àti èyí tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sára fáìlì náà.