Àkáǹtì ọ̀fẹ́ àti àkáǹtì olówó lórí Spotify

Spotify jẹ́ ápù orin tó dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ rẹ̀ máa ń fi ìpolówó sáàárín orin. Ti olówó, tó ń jẹ́ Premium, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù ni orin dídáńlóòdù, pàápàá fún àwọn Yorùbá Àbújá tó ń gba Lọ́kọ́ja àti Kábà lọ sílé, lójú ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lè já nígbàkígbà.

Orin dídáńlóòdù

Oní-Premium nìkan ló lè dáńlóòdù orin. Pọ́díkáàsì nìkan ni oní-ọ̀fẹ́ lè dáńlóòdù. Premium gba orin 10,000 lórí ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ ju 5 lọ. Síbẹ̀, orin náà kò tíì di ti olùgbọ́. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá tí ápù náà kò fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí owó oṣù bá tán, kò ní kọrin mọ́. Ọfà kékeré aláwọ̀ ewé tó dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ló ń fi hàn pé ó ti wọlé tán. Àyẹ̀wò tó dájú jù ni kí èèyàn pa dátà àti Wáì-Fáì kó tó kúrò nílé ní Kubwa, kó wá tẹ orin náà wò.

Dídára ohùn

Ohùn tó dára jù fún oní-ọ̀fẹ́ lórí fóònù jẹ́ kílóbíìtì 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Premium lè dé 320. Ìwọ̀n yìí ló ń sọ bí dátà yóò ṣe lọ tó. Ẹ jẹ́ ká mú orin fújì oníṣẹ́jú 20 kan: ní 320, ó tó mẹ́gábáìtì 48, ní 160, ó jẹ́ 24, ní 96, tí ápù náà ń pè ní Normal, kò ju bíi 14 lọ. Ẹni tó fẹ́ kó orin wákàtí 8 dání yóò nílò nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1,150 ní 320, ṣùgbọ́n 350 tó o ní 96. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo, 96 tó gbọ́. Nílé, tí èèyàn fi íápíìsì tó dára sétí, a ó gbọ́ ìyàtọ̀ nínú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Ó dára kí a dáńlóòdù lórí Wáì-Fáì, kí a sì pa ibi tó ń jẹ́ kí ápù náà fi dátà fóònù dáńlóòdù nínú Settings.

Orin fífò

Lórí fóònù, bí orin oní-ọ̀fẹ́ bá ń lọ ní Shuffle, ìyẹn tí ápù náà ń yan orin bó ṣe wù ú, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lè fo orin láàárín wákàtí kan. Premium kò ní òdiwọ̀n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Spotify gba oní-ọ̀fẹ́ láyè láti yan orin tó wù ú, àmọ́ àsìkò tó lè fi ṣe bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ ní ààlà. Ẹni tó ń gbọ́ jùjú àtijọ́, tí ojú àwo kan ń jẹ́ orin kan ṣoṣo, kì í sábà fò tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹni tó ń gbọ́ orin oníṣẹ́jú mẹ́ta ni òdiwọ̀n náà máa ń ká mọ́.