Tuntun inú páálí, àtúnṣe tàbí tòkúnbọ̀: bí a ṣe ń yan láptọ́ọ̀pù ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Sábó tàbí ní Àgíríìkì, ní Ìkòròdú, lè bá ọjà mẹ́ta tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: láptọ́ọ̀pù kékeré kan tuntun inú páálí, tòkúnbọ̀ kan tó lágbára jù ú lọ, àti ọ̀kan tí ọlọ́jà ń pè ní àtúnṣe. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ la sì ń rà.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí tuntun. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ sábà máa ń ní èròjà Celeron tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, RAM 4GB àti ibi ìkóǹkanpamọ́ eMMC 64GB. Windows nìkan á ti gba apá tó pọ̀ nínú 64GB yẹn kí olówó rẹ̀ tó fi fáìlì kankan sí i. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n sábà máa ń jó RAM àti eMMC mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí bí a ṣe lè yọ wọ́n kí a fi èyí tó tóbi sí i. Bí ó ṣe lọ́ra lọ́jọ́ tí a rà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ́ra títí tí a ó fi jù ú nù. Ohun tí tuntun fi ju àwọn tó kù lọ ni bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò àti wáráńtì. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ra tuntun tó ní RAM 8GB àti ibi ìkóǹkanpamọ́ SSD 256GB, kó rà á láìṣiyèméjì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju ti Celeron lọ ni kó wo ọ̀nà tòkúnbọ̀.

Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó dára ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń ra láptọ́ọ̀pù lọ́pọ̀ yanturu fún òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n á lò ó fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó ra òmíràn. Ìdí nìyẹn tí EliteBook ti HP, Latitude ti Dell àti ThinkPad ti Lenovo fi kún ọjà wa. Wọ́n ṣe wọ́n fún ẹni tí yóò máa gbé wọn jáde lójoojúmọ́, wọ́n sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn kí èèyàn lè tú u: ṣíṣí ìdérí ìsàlẹ̀ kò le, bátìrì ń yọ, SSD ń yọ, RAM náà ń yọ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí pé ìrísí kan náà ló kún ọjà, ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í wọ́n ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Odógunyàn náà sì ti tú u rí. Ohun tó ń mú kí owó wọn má tètè já nìyẹn. HP 15 tàbí IdeaPad tí wọ́n ṣe fún ilé lè dára lójú, àmọ́ ìdè ojú rẹ̀ àti ike ara rẹ̀ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. MacBook ló ń di owó mú jù lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn tòde òní, wọ́n ti jó RAM àti SSD mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò bá sì tíì yọ Activation Lock, ìtìpa Apple tó so ẹ̀rọ mọ́ olówó rẹ̀, kúrò, irin lásán la gbé wálé.

Àtúnṣe gidi ni èyí tí wọ́n tú, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n sì fún ní ìwé wáráńtì. Àmọ́ nínú ọjà wa, nígbà mìíràn, nínù tí wọ́n nù ún tí wọ́n sì fi ọ̀rá tuntun bo ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àtúnṣe. Ìbéèrè kan ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà: kí ni wọ́n pààrọ̀, ibo ni ìwé rẹ̀ wà? Bí kò bá sí ìdáhùn, tòkúnbọ̀ ni, iye tòkúnbọ̀ ni kí ẹ san. Èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà tún yàtọ̀. Eruku, ooru àti iná jẹnẹrétọ̀ ti fìyà jẹ ẹ́, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti tòkúnbọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan yẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH kan fẹ́ ra HP EliteBook 840 G5. Ó jáde ní ọdún 2018, ihò RAM méjì ló ní, SSD rẹ̀ ń yọ, ó sì ń gba iná láti ojú USB-C.

Orúkọ èròjà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Kó tẹ Windows àti R pọ̀, kó kọ `msinfo32`, kó wá ìlà Processor. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé i5 ló ń sọ ìran rẹ̀: i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7300U jẹ́ ìran keje. 840 G5 kan wà tó jẹ́ ìran keje, bẹ́ẹ̀ ara wọn kò yàtọ̀ síra lójú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé Microsoft dá àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ sókè àti ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ TPM 2.0. Ọlọ́jà lè fi ọgbọ́n kan Windows 11 mọ́ ìran keje. Yóò ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n Microsoft kò gbà á wọlé, kò sì ṣèlérí pé àtúnṣe yóò máa dé bá a. Bí ó bá jẹ́ ìran keje, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ìtìpa ló tẹ̀lé e, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Kí ó pa ẹ̀rọ náà, kó tan án padà, kó sì máa tẹ F10 léraléra kí àmì HP tó lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà níbẹ̀, kó gbé e padà fún ọlọ́jà. Yíyọ bátìrì kò lè pa ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn rẹ́. Bí kò bá béèrè, kó wọ abẹ́ Security, kó wo Absolute Persistence Module: bí ó bá wà ní Active, ilé-iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì lè máa tọpa rẹ̀, wọ́n sì lè tì í láti òkè òkun. Ìtìpa kejì fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá yọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kúrò lórí àkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ Microsoft, gbogbo nǹkan á máa lọ déédéé títí di ọjọ́ tí a bá tún Windows rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ náà ni orúkọ ilé-iṣẹ́ àjèjì á yọ lójú rẹ̀, tí yóò máa béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn. Ọlọ́jà tó fi Windows sí i láìso íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lè má mọ̀ rárá. Nítorí náà, kí a tó sanwó tán, kí wọ́n ṣe Reset this PC níṣojú wa, kí a fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù wa so ó nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀ láti jókòó dè é.

Bátìrì ló kàn. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, òun ló ń sọ bóyá iṣẹ́ á ṣe é ṣe. Kó ṣí Command Prompt, kó kọ:

```
powercfg /batteryreport
```

Ẹ̀rọ á sọ ibi tó fi fáìlì `battery-report.html` sí. Nínú rẹ̀, DESIGN CAPACITY ni agbára bátìrì nígbà tó jáde nílé-iṣẹ́, FULL CHARGE CAPACITY sì ni èyí tó kù. Bátìrì 840 G5, tó ń jẹ́ SS03XL, jẹ́ nǹkan bí 50,000 mWh, ìyẹn wáàtì 50 fún wákàtí kan. Ká ní 31,000 ló kù: ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí ìwé kíkọ àti wíwo íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 10, bátìrì yẹn á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́ta, nígbà tí tuntun ì bá gbé e fún márùn-ún.

Àmọ́ ìròyìn yẹn lè parọ́. Àwọn kan máa ń tún nọ́ńbà inú bátìrì àgbà kọ, kí ó lè dà bí tuntun. Bí ẹ̀rọ 2018 bá sọ pé bátìrì òun ṣì pé 50,000, yálà wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni, yálà wọ́n tún nọ́ńbà kọ. Ẹ jẹ́ kó kún dé 100, ẹ yọ ṣájà, ẹ fi fídíò kan sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní wáàtì 10, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó lọ. Bí 30 bá lọ, agbára rẹ̀ gan-an kò ju bíi 17,000 lọ, kí a yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí a ó san. Bí ibi ìfọwọ́tẹ̀ iwájú kíbọ́ọ̀dù bá wú sókè tàbí tí ìdérí ìsàlẹ̀ kò bá pàdé dáadáa, bátìrì ti wú nínú nìyẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kó tó fa iná.

Ní àkókò tí fídíò yẹn ń lọ, ojú àti ọwọ́ ń ṣe ìyókù. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ tó ti Jámánì wá sábà máa ń ní Y àti Z ní ìyípadà, ti Faransé náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AZERTY, ọlọ́jà a sì lẹ bébà mọ́ orí wọn. Bébà yẹn á ṣí láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ so ṣájà mọ́ USB-C, ẹ rọra mì ín: bí iná bá ń já tó tún ń padà, ihò náà ti ń tú lára bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé àwòrán funfun sójú rẹ̀ kí ẹ lè rí àbàwọ́n ibi tí wọ́n ti tò wọ́n lé ara wọn nínú kọ̀ǹtẹ́nà. Ní ti SSD, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator:

```
Get-PhysicalDisk | Get-StorageReliabilityCounter | Select Wear, PowerOnHours
```

Wear ń ka bí ó ti gbó tó, láti 0 lọ sókè. Bí ó bá ti kọjá 50, ẹ dúnàádúrà lé e lórí. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà PowerOnHours kì í jáde, èyí kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ṣe é.

Ó kù ìwé. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ní Ìkẹjà tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì kú lọ́jọ́ kẹta yóò tún gba Máìlì Twẹ́ẹ̀fù padà lọ, ọjọ́ kan gbáko sì ti lọ nìyẹn. Nítorí èyí, ọlọ́jà Ìkòròdú tó ní ṣọ́ọ̀bù tó sì ń gba ẹ̀rọ padà yẹ fún owó díẹ̀ lé e. Kí rìsíìtì sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi lè gbà á padà, kó dárúkọ bátìrì, bọ́ọ̀dù àti ojú ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan, kó sì ní nọ́ńbà ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe èyí tó wà lára bébà ìsàlẹ̀ nìkan, torí ìdérí ìsàlẹ̀ ṣe é pààrọ̀. Èyí tí PowerShell bá sọ ni kí a kọ:

```
(Get-CimInstance Win32_BIOS).SerialNumber
```

Bí méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n ti pààrọ̀ ìdérí tàbí bọ́ọ̀dù. Kí ọlọ́jà ṣàlàyé èwo nínú méjèèjì ni kí owó tó kúrò lọ́wọ́.