Gàrí mẹ́ta, owó mẹ́ta, "three advices"

Ìbéèrè: Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 kọ "many advices" sínú lẹ́tà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ níléèwé, olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Mo ní kó yọ "s" yẹn kúrò. Ó yọ ọ́, ìlà pupa tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ìmọ̀ràn ò lè ju ẹyọ kan lọ ni? Èmi Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bàbá lè gba ọmọ nímọ̀ràn mẹ́ta kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìmọ̀ràn ni kò gbà kí á kà á, kì í ṣe ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọjà. Tí ẹ bá dúró níwájú ìyá oníigàrí níbí, tí ẹ ní kó fún yín ní gàrí mẹ́ta, ojú yín ni yóò máa wò. Kóńgò mẹ́ta ni àbí àpò mẹ́ta? Láfún náà bẹ́ẹ̀. Kóńgò là ń kà, a kì í ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó tún wá yé èèyàn jù. A ń ka náírà láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé owó mẹ́ta wà lápò òun. Náírà ni ẹyọ, owó ni orúkọ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe "advice", "information" àti "equipment" gan-an nìyẹn. Ó ń ṣe wọ́n bí a ṣe ń ṣe gàrí àti owó. Maikirosikóòpù inú láàbù ṣeé kà, síríńjì ṣeé kà, ṣùgbọ́n "equipment" ni orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ lápapọ̀, òun ò sì ṣeé kà. Ìyẹn ni olùkọ́ ń pè ní ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà. Ẹ má wá ọgbọ́n kankan lọ sídìí rẹ̀ o. Faransé ń ka "informations" láìsí wàhálà, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ̀. Àwa náà ń ka ìmọ̀ràn, a ń ka ìròyìn, a ń ka irinṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ yín nìyẹn: ó ro ìmọ̀ràn púpọ̀ lọ́kàn, ó rántí pé wọ́n ti kọ́ ọ pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi "s" sí ohun tó bá ju ẹyọ kan lọ, ó sì fi í síbẹ̀. Òfin ló tẹ̀lé. Ibi tí òfin náà ò dé ló gbé e lọ.

Ó wá ku ti ìlà pupa tó pọ̀ sí i. Mo fura pé ohun tó kọ́kọ́ kọ jọ èyí:

"My uncle gave me many advices. The advices were good and I followed them."

Ẹ̀yin ní kó yọ "s", ó wá di:

"My uncle gave me many advice. The advice were good and I followed them."

Ó ti wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti àkọ́kọ́ ṣì bára mu, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló gbà pé ìmọ̀ràn pọ̀. Nínú ìkejì, "advice" ti di aláìṣeékà, àwọn tó yí i ká ò sì tíì gbọ́. "Many" kì í bá aláìṣeékà rìn. "Much" tàbí "a lot of" ló ń bá a rìn. "Were" gbọ́dọ̀ di "was". "Them" gbọ́dọ̀ di "it". Bó ṣe yẹ kó rí rèé:

"My uncle gave me a lot of advice. The advice was good and I followed it."

Ẹ wò ó dáadáa: lẹ́yìn "s" tó kúrò, ibi mẹ́ta mìíràn ló tún yí padà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣòro fọ́mọ Yorùbá, nítorí èdè tiwa kì í da ọ̀rọ̀-ìṣe láàmú. "Ìwé náà dára", "àwọn ìwé náà dára": "dára" ò yẹ̀ níbì kan. Etí ọmọ ò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan yí padà, torí náà ojú ló gbọ́dọ̀ fi wá a. Tó bá ti yọ "s" lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó wo ọ̀rọ̀-ìṣe, kó wá wo "them" tàbí "they" nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Èyí tó wà nínú gbólóhùn kejì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Tó bá wá jẹ́ pé dandan ni kó ka ìmọ̀ràn mẹ́ta ńkọ́? Kó wá kóńgò. Kóńgò tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni "piece": "three pieces of advice". "S" ti kúrò lára gàrí, ó ti bọ́ sára kóńgò. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà á tún padà sí tọ̀pọ̀, nítorí kóńgò mẹ́ta là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: "Three pieces of advice were given." Mo ti rí i káàkiri ìwé ọmọléèwé níbi tí wọ́n ti kọ "three pieces of advices". Ẹni yẹn ra kóńgò, ó tún fẹ́ máa ka hóró gàrí. Bákan náà, "an advice" àti "an information" ò dúró. "A piece of advice" ni, tàbí "some information" tí iye rẹ̀ ò bá ṣe pàtàkì.

Ẹ kìlọ̀ fún un nípa nǹkan kan kó má baà lọ fi ìbínú pa gbogbo "s". "He advises me" dára. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn, "s" ló wà láàárín rẹ̀, kì í ṣe "c", "s" tó sì wà ní ìparí rẹ̀ ò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀pọ̀. Ẹ sì lè bá "informations" pàdé lọ́wọ́ lọ́yà, nítorí ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn tí wọ́n ń fi síwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga ń jẹ́ "information", ìyẹn ṣeé kà. Ti lọ́yà nìyẹn o, lẹ́tà sí àbúrò bàbá ò kàn án.

"Staff" ò sí nínú ẹgbẹ́ yìí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lè má mẹ́nu bà á, torí àgbà pàápàá ń ṣì í. Òṣìṣẹ́ kan kì í jẹ́ "a staff"; "a member of staff" ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "a staff came to see me", ọ̀pá ìtilẹ̀ ló sọ pé ó wá kí òun.

Fún ọ̀rọ̀ tí kò bá dá a lójú, kó ṣí díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe èyí tó kéré tó ń wọ àpò. Yóò rí lẹ́tà U níbi aláìṣeékà, C níbi aṣeékà. Àwọn kan ní méjèèjì. "Paper" tí a fi ń kọ̀wé, U ni. "Paper" tó jẹ́ ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìdánwò, C ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì lè jókòó ṣe "two papers" lórí "a lot of paper".